Àyẹ̀wò àtọ̀, ti ẹyin àti ti túùbù: èwo ni kí tọkọtaya tó ń wá ọmọ kọ́kọ́ ṣe, èwo ló sì tó wọn?

Tọkọtaya kan ti ń wá ọmọ fún oṣù mẹ́rìnlá. Ìyàwó jẹ́ ẹni ọdún 31, nǹkan oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 35 ló máa ń gbà kí òmíràn tó dé. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 36. Ìwé àyẹ̀wò mẹ́ta ni wọ́n gbé kúrò ní ilé ìwòsàn: ọ̀kan fún àtọ̀, ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kí ìyàwó lọ fà ní ọjọ́ 21 tí a bá kà láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún fọ́tò túùbù, ìyẹn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyin ń gbà dé ilé-ọmọ. Owó ọwọ́ wọn kò ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàwó sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òun. Àpẹẹrẹ ni mo fi wọ́n ṣe, kì í ṣe pé mo ń sọ ìtàn ẹnìkan pàtó, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sí àwọn tó dúró síbi tí wọ́n dúró sí yìí, nítorí náà a ó máa padà sọ́dọ̀ wọn bí a bá ṣe ń lọ.

Kí a tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tó yẹ kó ti máa ronú àyẹ̀wò rárá. Tí obìnrin kò bá tíì pé ọdún 35, tí tọkọtaya sì ń bá ara wọn sùn déédéé láìdáàbò bo ara, oṣù 12 ni wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Tí ó bá ti pé ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 6 ti tó. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dúró sójú kan, tàbí tó ti ní àkóràn tó burú ní ìsàlẹ̀ ikùn rí, tàbí tí oyún rẹ̀ ti dúró sínú túùbù rí, kò yẹ kí ó máa ka oṣù kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin tí kóró ẹpọ̀n rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà èwe, tàbí tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni mo fi máa ń wo àyẹ̀wò. Èkíní ni ìbéèrè tí ó lè dáhùn, nítorí pé púpọ̀ nínú ìjákulẹ̀ àwọn ènìyàn ń wá láti inú bíbi àyẹ̀wò kan ní ohun tí kò mọ̀. Èkejì ni ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ yín, owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora àti iye ìgbà tí ẹ ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bí èsì rẹ̀ ṣe ṣeé gbára lé, pàápàá èsì tó bá sọ pé nǹkan kò dára. Ẹ̀kẹrin, tí àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè, tí èmi sì kà sí pàtàkì jù, ni bí ó ṣe rọrùn tó láti ba àyẹ̀wò náà jẹ́ nípa ọjọ́ tí kò tọ́ tàbí ọ̀nà tí kò tọ́. Àyẹ̀wò tí a ṣe lọ́jọ́ tí kò tọ́ burú ju èyí tí a kò ṣe lọ, nítorí pé ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò mọ̀ pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gba èsì òdì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn lé e lórí.

Àyẹ̀wò àtọ̀: kékeré lówó, kò ní ìrora, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń fi sẹ́yìn

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ló dín owó kù jù ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó ń sọ, kò sì sí abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan nínú rẹ̀. Ní ohun tó súnmọ́ ìdajì nínú àwọn tọkọtaya tí kò tètè rí ọmọ, ọ̀rọ̀ náà kan ọkùnrin, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ìyàwó. Nítorí náà, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbé obìnrin gorí tábìlì fọ́tò túùbù nígbà tí a kò tíì mọ ohun tó wà nínú àtọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wò ni bí àtọ̀ náà ṣe pọ̀ tó, iye sípáàmù tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn èso tíntín tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀, bí wọ́n ṣe ń rìn, àti bí ìrísí wọn ṣe rí. Bí ẹ bá fi ojú sí ẹ̀rọ amúhun-tóbi, ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe ohun kan náà: àwọn kan ń sáré lọ síwájú tààrà, àwọn kan ń yí po lójú kan bí ẹni tí òòyì ń kọ́, àwọn kan sì kàn ń gbọn ìrù láìkúrò níbi tí wọ́n wà. Àwọn tó ń lọ síwájú ni a ń wá.

Ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jáde ní 2021 fi àlà ìsàlẹ̀ sí mílílítà 1.4 fún bí àtọ̀ ṣe pọ̀ tó, mílíọ̀nù 16 sípáàmù nínú mílílítà kan, mílíọ̀nù 39 nínú gbogbo àtọ̀ náà lápapọ̀, àti ìdá 42 nínú 100 tó ń mira, tí ìdá 30 nínú 100 fi ń lọ síwájú. Ní ti ìrísí, ìdá 4 nínú 100 péré ni wọ́n béèrè fún. Èyí máa ń já àwọn ọkùnrin láyà nígbà tí wọ́n bá rí i lórí ìwé pé ìdá 95 nínú 100 kò ní ìrísí tó pé, láìmọ̀ pé bí tí ọ̀pọ̀ bàbá ọlọ́mọ náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ibi tí àwọn àlà wọ̀nyí ti wá yé yín, nítorí òun ló ń sọ bí a ṣe lè gbára lé wọn tó. Wọ́n ka àtọ̀ àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín oṣù 12, wọ́n sì fa ìlà sí ibi tí ìdá 5 nínú 100 àwọn bàbá náà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó bímọ wà lábẹ́ ìlà náà, àwọn tí kò bímọ sì wà lókè rẹ̀. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 14 kò di àgàn nítorí mílíọ̀nù 2. Ibi kan ṣoṣo tí àyẹ̀wò yìí ti ń sọ̀rọ̀ láìṣiyèméjì ni bí kò bá sí sípáàmù rárá, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yí àtọ̀ náà kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè wálẹ̀ sí ìdí ìgò.

Ọ̀nà tí èsì yìí ń gbà bàjẹ́ pọ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣeé yẹra fún. Ọjọ́ 2 sí 7 ni kí ọkùnrin ti wà láìda àtọ̀. Bí ó bá kéré sí ìyẹn, iye yóò lọ sílẹ̀, bí ó bá pọ̀ jù, àwọn tó ti kú yóò pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ lo kọ́ńdọ̀mù lásán, ọṣẹ, òróró tàbí itọ́. Inú ike mímọ́ tí láàbù bá fún un ni kí ó dà á sí, kí ó sì dé ọwọ́ wọn láàárín wákàtí kan, kí ó má tutù lọ́nà. Gbogbo àtọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ wọ inú ike: ẹ̀kán àkọ́kọ́ ni sípáàmù pọ̀ sí jù, ẹni tí ìyẹn bá sì dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, kí ó má ṣe dákẹ́ nítorí ìtìjú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ inú àpẹẹrẹ wa gan-an nìyẹn. Mílíọ̀nù 9 nínú mílílítà kan ni wọ́n kọ fún un. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní apá àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó sì tún rántí pé ara òun gbóná gan-an fún ọjọ́ mẹ́rin ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Sípáàmù máa ń lo ju oṣù méjì lọ kí ó tó dàgbà tán nínú kóró ẹpọ̀n, nítorí náà ibà tó mú ọkùnrin lóṣù tó kọjá ṣì lè wà lórí ìwé lónìí. Bí èsì àkọ́kọ́ kò bá dára, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta; àfi tí kò bá sí sípáàmù rárá tàbí tí ó bá kéré jọjọ, kí wọ́n tún un ṣe kíákíá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ yìí ní mílíọ̀nù 34 nínú mílílítà kan, ìdá 48 nínú 100 sì ń mira.

Àwọn ohun èlò tí wọ́n ń tà fún àyẹ̀wò nílé wà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ wọn sì kàn ń sọ bóyá iye sípáàmù ga ju àlà kan lọ ni. Wọ́n lè ran ọkùnrin tí ojú ń tì lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé ó dára, ẹ kò tíì mọ bóyá àwọn sípáàmù náà ń rìn.

Ṣé ẹyin ń jábọ́? Ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n fi ń mọ̀

Ọ̀nà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni kíka ọjọ́. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé, tí àlàfo àárín rẹ̀ wà láàárín ọjọ́ 21 sí 35, tí ọmú rẹ̀ sì máa ń ro ó tàbí tí ikùn rẹ̀ máa ń wú díẹ̀ kí ó tó dé, ó ṣeé ṣe gan-an kí ẹyin rẹ̀ máa jábọ́. Àyẹ̀wò yòókù kàn ń fi ìdí èyí múlẹ̀ ni. Lódì kejì, obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta kò nílò àyẹ̀wò tí yóò sọ fún un pé ẹyin òun kì í jábọ́ déédéé. Ohun tó nílò ni kí wọ́n wá ohun tó fà á.

Wíwọn bí ara ṣe gbóná láràárọ̀ náà kò gbówó lórí. Kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn ni ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó sì rí i pé lẹ́yìn tí ẹyin bá jábọ́, ìgbóná ara yóò gòkè díẹ̀, bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, yóò sì dúró sókè títí nǹkan oṣù yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn tí ẹyin ti lọ ló tó máa ń sọ, àti pé oorun tí kò tó tàbí ibà kékeré lè dà á rú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru kò yẹ kó fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lé e lórí.

Ọ̀pá ìtọ̀ ni ẹ̀kẹta. Ó máa ń wá họ́mónù tí ọpọlọ ń tú jáde láti pàṣẹ fún ẹyin pé kí ó jábọ́. Láti ìgbà tí họ́mónù yìí bá ti ga, wákàtí 24 sí 36 ló sábà máa ń ku ẹyin. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí náà ó wúlò fún yíyan ọjọ́ tí ẹ ó bá ara yín sùn. Ṣùgbọ́n àṣẹ ló rí, kò rí ẹyin. Nínú àwọn obìnrin tí àpò ẹyin kéékèèké pọ̀ nínú ilé-ẹyin wọn tí kì í sì í gbó, họ́mónù yìí lè wà lókè nígbà gbogbo, tí ọ̀pá yóò máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́ láìsí ẹyin tó jábọ́. Àwọn gan-an tó ń wá ìdáhùn jù lọ ni ọ̀pá náà máa ń ṣì lọ́nà jù.

Ẹ̀kẹrin ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún pùrójẹ́sítẹ́rónì, họ́mónù tí àpò tí ẹyin ti jáde nínú rẹ̀ ń pèsè. Bí ó bá ju nánógíráàmù 3 lọ nínú mílílítà kan, ẹyin ti jábọ́ lóṣù náà. Láàbù míì máa ń kọ ọ́ ní òṣùwọ̀n mìíràn, níbi tí 3 yìí ti di nǹkan bí 10, nítorí náà ẹ wo òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kí ẹ tó yọ̀ tàbí kí ẹ tó sunkún. Kò yẹ kí ẹ tún máa fi nọ́ńbà yìí figa gbága, torí pé họ́mónù náà ń gòkè ó ń sọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀; 12 kò túmọ̀ sí ẹyin tó dára ju ti ẹni tó ní 8.

Ọjọ́ 21 tí wọ́n kọ sórí ìwé ló ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń gba ọjọ́ 28 ni ọjọ́ náà wà fún. Láti ìgbà tí ẹyin bá jábọ́ sí ìgbà tí nǹkan oṣù yóò dé jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 14, bí àlàfo náà ṣe gùn tó kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Apá iwájú ló máa ń gùn. Ìyàwó inú àpẹẹrẹ wa, tó ń lo ọjọ́ 35, ń tú ẹyin ní nǹkan bí ọjọ́ 21. Ní ọjọ́ tí ẹyin ń jáde gan-an ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ 1.1 fún un, wọ́n ní ẹyin rẹ̀ kì í jábọ́, wọ́n sì fẹ́ kọ oògùn tó ń ta ẹyin jí fún un. Ìṣirò tó tọ́ ni kí ẹ yọ 7 kúrò nínú iye ọjọ́ tí àlàfo yín ń gbà: 35 dín 7 jẹ́ 28. Wọ́n tún un fà ní ọjọ́ 28, ó sì jẹ́ 9.6. Ẹni tí àlàfo rẹ̀ ń yí láàárín ọjọ́ 30 sí 38 lè fà á ní ọjọ́ 23, kí ó sì máa tún un fà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí nǹkan oṣù yóò fi dé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì náà, nítorí òun ló ń fi hàn bóyá ọjọ́ tí ẹ fà á tọ́.

Síkáànù tí wọ́n fi ń tẹ̀lé àpò ẹyin wà pẹ̀lú. Wọ́n ó rí àpò náà bí ó ti ń dàgbà títí yóò fi tó nǹkan bí mílímítà 20, lẹ́yìn náà wọ́n ó rí i tó fọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ó gba kí ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóṣù kan, nítorí náà ẹni tó ń lo oògùn ìtújí ẹyin ni mo máa ń rò pé ó yẹ fún.

Ṣé túùbù ṣí? Ibi tí yíyàn ti ṣòro jù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀: síkáànù lásán kì í sọ bóyá túùbù ṣí. Túùbù tó dára kì í hàn nínú síkáànù. Èyí tó ti kún fún omi nítorí pé ìpẹ̀kun rẹ̀ dí nìkan ló lè hàn. Bí wọ́n bá kọ fún yín pé síkáànù yín dára, ẹ kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa túùbù.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fọ́tò ẹ́kísíréè, tí ìwé àyẹ̀wò máa ń pè ní HSG. Wọ́n ó fi irin la ojú ara bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ọrùn ilé-ọmọ wò, wọ́n ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọrùn ilé-ọmọ kọjá, wọ́n ó sì rọra tú omi kan tó máa ń hàn nínú ẹ́kísíréè. Lójú fọ́tò, ilé-ọmọ yóò kọ́kọ́ hàn bí igun mẹ́ta tí orí rẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni okùn fẹ́ẹ́rẹ́ méjì yóò yọ láti igun òkè méjèèjì. Bí túùbù bá ṣí, omi náà yóò tú jáde ní ìpẹ̀kun okùn, yóò tàn káàkiri bí èéfín tó ń túká. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó máa ń fún ikùn pọ̀ bí ìrora nǹkan oṣù tó le, àwọn mìíràn sì ń rí i pé ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà oògùn ìrora ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú yẹ ní lílò.

Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá tán, kí ẹyin tó jábọ́, ni wọ́n ń ṣe é, èyí tó máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 12. Ìdí rẹ̀ ni kí wọ́n má baà ta omi àti ìtànṣán lu oyún tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ sí. Kí wọ́n tó ṣe é, ó yẹ kí wọ́n yẹ ọrùn ilé-ọmọ wò fún kòkòrò kílámídíà tàbí kí wọ́n fún yín ní oògùn apakòkòrò, torí pé omi tí wọ́n tì wọlé lè gbé àkóràn tó wà nísàlẹ̀ lọ sókè. Ibà, ìrora ikùn tó ń pọ̀ sí i tàbí omi olóòórùn láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bá padà lọ lọ́jọ́ náà. Bí oògùn tàbí ohun tó ní áyódínì bá ti ń gbé yín lára rí, tàbí bí ẹ bá ní àìsàn táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó ń pèsè họ́mónù ní iwájú ọrùn, ẹ sọ ọ́ ṣáájú.

Ní ti bí èsì rẹ̀ ṣe ṣeé gbára lé, ọwọ́ kan rẹ̀ le, ọwọ́ kejì rọ̀. Bí fọ́tò bá fi hàn pé omi tú jáde, ó ṣòro kí ìyẹn jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé túùbù dí, pàápàá ní ẹnu tó so mọ́ ilé-ọmọ, ẹ má tíì gbà á pátápátá. Iṣan tó wà níbẹ̀ máa ń sún kì nítorí ìrora tàbí ẹ̀rù, omi yóò sì dúró bí ẹni pé ògiri ló kọlù. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n kọ irú èsì bẹ́ẹ̀ fún ni túùbù wọn ṣí nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Dídí ní ìpẹ̀kun, pẹ̀lú túùbù tó wú bí ọ̀rá tí a rọ omi sí, ni ẹ lè tètè gbà gbọ́.

Àǹfààní kan tún wà lẹ́yìn èsì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2017, fi obìnrin tó lé ní 1,100 wé ara wọn. Láàárín oṣù 6, nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tí wọ́n lo omi ẹ́kísíréè olóròóró fún ni oyún dúró fún, àmọ́ 29 nínú 100 ni ti àwọn tí wọ́n lo omi ẹ́kísíréè tí kò ní òróró fún. Kì í ṣe ìdí láti sáré lọ ṣe fọ́tò, pàápàá nítorí pé irú omi olóròóró bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lára, áyódínì rẹ̀ sì lè da táírọ́ìdì láàmú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí ẹ béèrè èyí tí wọ́n ní.

Ọ̀nà kejì ni síkáànù pẹ̀lú omi tàbí ìfófòó. Bí wọ́n ṣe ń ti rọ́bà wọlé kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n síkáànù ni wọ́n fi ń wo bí ìfófòó náà ṣe ń gba túùbù kọjá. Kò sí ìtànṣán nínú rẹ̀, ilé-ẹyin àti ilé-ọmọ sì ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò méjì di ọ̀kan. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, èsì rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti fọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ọwọ́ ẹni yẹn ṣá: fọ́tò ẹ́kísíréè wà lórí ìwé, dókítà mìíràn lè tún un kà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ń ṣe síkáànù rí lásìkò náà ni púpọ̀ nínú èsì. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń ṣe lóṣù kan.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà, tí wọ́n ń pè ní lápárósíkópì. Wọ́n ó fún aláìsàn ní oògùn akunilóorun, wọ́n ó la ihò kékeré sí ìdodo àti ìsàlẹ̀ ikùn, wọ́n ó ti kámẹ́rà wọlé, wọ́n ó sì ta omi aláwọ̀ búlúù láti ìsàlẹ̀ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i bóyá ó jáde. Kò sí èyí tó dájú tó o. Òun nìkan ló ń rí ohun tí àwọn yòókù kò lè rí: túùbù tó ṣí ṣùgbọ́n tó lẹ̀ mọ́ ìfun débi tí kò lè gbá ẹyin mú, tàbí àìsàn tí irú awọ inú ilé-ọmọ fi ń hù sí ìta rẹ̀. Ó sì lè tú díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ni, ó ń ná owó ní ìlọ́po-ìlọ́po, ọjọ́ ìsinmi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè ṣèèṣì pa ìfun tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò wọ́pọ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá àmì pé kílámídíà ti jà rí náà wà. Ó ń sọ bí túùbù ṣe wà nínú ewu tó, kò sọ bí túùbù ṣe wà. Níbi tí owó fọ́tò ti ṣòro, ó lè fi hàn ẹni tó yẹ kí wọ́n tètè wá ojútùú fún.

Ìyàwó inú àpẹẹrẹ wa ṣe fọ́tò ẹ́kísíréè ní ọjọ́ 10. Túùbù ọ̀tún ṣí, ti òsì dúró ní ẹnu ilé-ọmọ. Kò ní àkóràn rí, kò ní ìrora tó ṣàjèjì, wọn kò ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí. Bí ó ti rí yìí, iṣan tó sún kì ni a kọ́kọ́ ń fura sí, túùbù kan tó ṣí pẹ̀lú ẹyin tó ń jábọ́ àti àtọ̀ tó dára kì í sì í ṣe ìdí láti gbé e lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ta ni yóò yan èwo

Tọkọtaya tí owó wọn tó fún ẹyọ kan péré lóṣù yìí, kí wọ́n ṣe ti àtọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pùrójẹ́sítẹ́rónì, ní ọjọ́ tí ìṣirò tiwọn bá fi hàn, tí nǹkan oṣù ìyàwó bá ń wá déédéé. Ọ̀pá ìtọ̀ wà fún ẹni tó ti mọ̀ pé ẹyin òun ń jábọ́ tó kàn fẹ́ mọ ọjọ́.

Obìnrin tí kò ní ìtàn kankan tó ń fi ìka sí túùbù, fọ́tò ẹ́kísíréè tó o, tàbí síkáànù oní-ìfófòó níbi tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n bá wà. Èyí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dá a dùbúlẹ̀, tí ìbálòpọ̀ ń dùn ún nínú lọ́hùn-ún, tí oyún ti dúró sí túùbù rẹ̀ rí, tàbí tí àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti bẹ́ rí, kò yẹ kó máa ná owó lé fọ́tò kí wọ́n tó wá sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà ló kàn. Kí ó bá dókítà sọ ọ́ pé kí wọ́n lọ síbẹ̀ tààrà.

Àwọn kan sì wà tí wọn kò nílò àyẹ̀wò ṣíṣí túùbù. Bí àtọ̀ ọkọ bá kéré débi pé láàbù ni wọ́n ti máa fi sípáàmù kan sínú ẹyin kan, túùbù kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìrìn àjò náà mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bóyá túùbù kan ti kún fún omi, nítorí pé omi yẹn máa ń ṣàn padà sínú ilé-ọmọ, ó sì ń dín àṣeyọrí ìtọ́jú náà kù gidigidi. Wọ́n máa ń yọ irú túùbù bẹ́ẹ̀ tàbí kí wọ́n dí i pa ṣáájú. Síkáànù lásán, tí mo ti sọ pé kò mọ túùbù tó ṣí, sábà máa ń rí èyí.